Ohun tí Wọ́n ń Sọ fún Ẹni tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Kó Wọlé

Ilé wa, Ìkìrun,
Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀.

Fọlákẹ́ ọmọ mi, Àbẹ̀ní tí mo bẹ̀bẹ̀ kí n tó ní,

Ṣé Òkukù ń tọ́jú rẹ dáadáa? Ṣé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì náà kò pọ̀ jù fún ọ? Àwa níbí wà láàyè, orúnkún mi nìkan ló ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró. Bàbá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé bí o bá ń bọ̀ nílé, kí o má gun ọ̀kadà, kí o wọ mọ́tò. Mo ti sọ tirẹ̀, jẹ́ kí n sọ tèmi.

Lánàá tí o pè mí, o ní obìnrin tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ, Ìyá Sàlámátù, fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ ọmọ wẹ́wẹ́ ní Sátidé, o sì fẹ́ lọ kí i. O wá bi mí pé, "Mọ́mì, kí ni wọ́n máa ń sọ gan-an? Ṣé kí n ṣáà ní kọngíráàṣọ̀n?" Mo dákẹ́. O rò pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló dà á rú, o bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, "Hẹ́lò! Hẹ́lò!" Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kọ́, ọmọ mi. Ìbéèrè rẹ ló gbé mi lọ síbi tí mi ò fẹ́ dé mọ́.

Èmi ò bi ẹnikẹ́ni ní irú ìbéèrè yẹn nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ. Mo rò pé ọgbọ́n tèmi tó mi. Ohun tó tìdí rẹ̀ yọ, mi ò sọ ọ́ fún ọ rí, mi ò sì sọ ọ́ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ. Bàbá rẹ nìkan ló mọ̀ ọ́n. Wá ibi jókòó sí, kí o kà á ní ojúmọmọ.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fúrídọ́ọ̀mù iṣẹ́ ìránṣọ, ṣùgbọ́n mo ṣì ń bá ọ̀gá mi, Màmá Títí, ṣiṣẹ́ níbí ní Ìkìrun. Kọ́tìnnì là ń rán jù. Ẹni tó bá kọ́lé láti Ìbà títí dé Inisa, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé aṣọ wá. Èmi ni mo ń lọ wọn fèrèsé, èmi náà ni mo ń lọ fi kọ́tìnnì kọ́. Ọwọ́ mi yá, ẹnu mi sì yá jù ú lọ.

Ọkùnrin kan wà ní Inisa tí wọ́n ń pè ní Bàbá Jọ́ọ̀sì, nítorí pé ìlú Jọ́ọ̀sì ló ti ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì láti ìgbà èwe rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló fi kọ́ ilé rẹ̀. Bí ó bá wálé ọdún Iléyá, á to búlọ́ọ̀kù díẹ̀ lé e, á tún padà. Ó tó ọdún mẹ́rìnlá kí ilé náà tó rí òrùlé. Ìgbà tó parí ni ó kó ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ráfíù, wálé pátápátá. Kọ́tìnnì aláwọ̀ aró ni mo rán fún wọn.

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kó wọlé, àwọn ará àdúgbò ń dé ní méjì, ní mẹ́ta. Fi ọkàn sí bí wọ́n ṣe ń kí i, nítorí ohun tí o bi mí nìyẹn.

Wọn á kọ́kọ́ bá a yọ̀: "Ẹ kú orí ire o, Bàbá!" Wọn á wá dúpẹ́ òógùn rẹ̀: "Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú làálàá," nítorí ilé kì í hù bí olú. Lẹ́yìn ìyẹn ni àdúrà ń wọlé: "Ilé á tura. Ilé á tù yín lára. Ẹ ó gbé e pẹ́ nínú àlàáfíà. Ire ọmọ, ire owó á bá yín níbẹ̀. Ẹ ó kọ́ òmíràn." Àwọn mùsùlùmí á fi tiwọn kún un: "Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i." Bàbá Jọ́ọ̀sì dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú agbádá funfun, ó ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan: "Àmín o. Ẹ ṣeun. Tiyín náà á dé. Ire á kárí." Àdúrà kan, Àmín kan, bí ẹni ń ju búlọ́ọ̀kù sí ara wọn tí kò sì sí èyí tó bọ́ sílẹ̀.

Èmi wà lórí àga nínú pálọ̀, mò ń so ọ̀pá kọ́tìnnì tó kẹ́yìn, ọ̀gá mi sì wà níta láàárín àwọn àlejò. Gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ń dún létí mi bí orin àwọn arúgbó. Mo ní kí n lọ sọ tèmi lọ́nà tó yàtọ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọmọ iṣẹ́ Màmá Títí mọ ọ̀rọ̀ sọ. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo jáde, mo kúnlẹ̀, mo gbé ohùn sókè:

"Bàbá, ẹ ti dé ilé ìsinmi yín nìyí o! Ẹ ti wọlé nìyẹn, ẹ ò ní jáde níbẹ̀ mọ́ láé!"

"Àmín!" ni Bàbá Jọ́ọ̀sì wí.

Ẹnu rẹ̀ ti mọ́ Àmín lára láti àárọ̀. Ìyá Ráfíù náà ti ṣe é, àwọn kan lára àwọn àlejò pàápàá ti bá wọn ṣe é. Ẹnu ti gbà á kí etí tó gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Mo rántí pé adìyẹ kan ń jẹ̀ nínú yanrìn tó kù lára iṣẹ́ ilé, òun náà sì dúró.

Ọ̀gá mi di apá mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. "Tún un sọ," ló ń sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Tún un sọ báyìí, kí ó dára."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Kí ni mo wí tó burú? Ṣé kí n gbàdúrà pé kí wọ́n lé Bàbá jáde ni?"

Àbẹ̀ní, ẹ̀rín yẹn ń dùn mí títí di òní ju ọ̀rọ̀ náà lọ.

Nítorí náà, ohun kìíní. Tí o bá lọ kí ẹni tó kó wọ ilé tuntun, má ṣe pè é ní ilé ìsinmi. Ẹni tó ti lọ là ń sọ pé ó sinmi. Má sọ "láé," má sì sọ "mọ́." Sọ pé "ẹ ó gbé e pẹ́," nítorí pípẹ́ ṣì fi ààyè sílẹ̀ fún ẹsẹ̀. Ilé tí ènìyàn kò lè jáde níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ kì í ṣe ilé mọ́.

Ohun kejì: tí àgbà bá ní kí o tún ọ̀rọ̀ sọ, kọ́kọ́ tún un sọ ná. Ìgbà tó bá yá, bi í léèrè ìdí rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ìkówọlé bọ́ sí Jímọ̀. Bàbá Jọ́ọ̀sì wọṣọ, ó fẹ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹsẹ̀ náà kò sì sọ̀ síta. Kò ní òun ń ṣàìsàn. Kò sí ibi tó ń dùn ún. Ó kàn dúró síbẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ mú, ó sì padà lọ jókòó. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé àti lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n gbé dókítà wá bá a, dókítà ní ara rẹ̀ le ju ti òun lọ. Àwọn àbúrò rẹ̀ gbìyànjú láti fà á jáde, ó pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn fúnra wọn fi í sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀, ó ń jókòó nínú yàrá tó wà lápá òsì, ó dojú kọ fèrèsé tí kọ́tìnnì bò.

Ọ̀rọ̀ náà dé Ìkìrun. Mo gbọ́, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Ìyá Ráfíù ránṣẹ́ pé ọ̀pá kọ́tìnnì yàrá yẹn ti fẹ́ yọ lápá kan. Ọ̀gá mi ní èmi ni mo so ó, èmi ni kí n lọ tún un so. Ọ̀sán gangan ni mo débẹ̀. Atẹ́gùn òjò ń fẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí páànù ń ró lórí ilé. Bí mo ṣe dé ọ̀ọ̀dẹ̀, mo gbọ́ ohùn Bàbá Jọ́ọ̀sì láti inú yàrá: "Àmín o. Ẹ ṣeun." Ó dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni ń tẹ́tí. "Àmín. Àmín o. Tiyín náà á dé."

Mo bi Ìyá Ráfíù pé, "Ṣé wọ́n ní àlejò ni?"

Ó mi orí. Ojú rẹ̀ ti jìn. "Ọjọ́ kẹrin rèé tó ti ń dá wọn lóhùn. Èmi ò gbọ́ ẹni tó ń kí i."

Mo wọlé. Fèrèsé wà ní ṣíṣí sílẹ̀, atẹ́gùn ń wọlé, ó ń fẹ́ sí mi lójú, ṣùgbọ́n kọ́tìnnì tí mo fọwọ́ mi rán kò mì. Ó rọ̀ wálẹ̀ ṣinṣin bí aṣọ tó rẹ nínú omi. Bàbá kò bojú wẹ̀yìn.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó, sà."

Ó ní, "Kí ló dé tí o tún gba ẹ̀yìn wọlé? Ṣé ìwọ kọ́ lò ń kí mi láti àárọ̀ níwájú níbí?"

Fọlákẹ́, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Kò dún sókè. Ẹ̀yìn kọ́tìnnì náà ló ti wá, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni tó ti ń sọ ọ́ tipẹ́: "Ẹ ti wọlé nìyẹn, ẹ ò ní jáde níbẹ̀ mọ́ láé." Ohùn mi ni. Ohùn tèmi gan-an, pẹ̀lú ìgbéraga tó wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Àmín o," ni Bàbá Jọ́ọ̀sì wí.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé títì. Mo fi àpò irinṣẹ́ sílẹ̀, mo fi bàtà sílẹ̀. Nínú mọ́tò tó gbé mi padà sí Ìkìrun, mo fi ìborí di ẹnu mi, nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé kí n má tún sọ nǹkan kan.

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá mi. Kò bú mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú mi lọ bá ìyá tó bí i ní Òkukù, níbi tí ìwọ wà báyìí. Mo bá ìyá arúgbó náà níbi tó ti ń fẹ́ ẹ̀wà ní ẹ̀yìnkùlé, Bíbélì rẹ̀ wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá Òkukù là ń pè é. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin kí ó tó sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ta ló kọ́kọ́ ṣe Àmín?"

Mo ní, "Àwọn fúnra wọn ni, mà."

"Hẹn-ẹn. Ẹni tó sọ ọ́ wà, ẹni tó gbà á wà. Ọ̀rọ̀ ti rílé." Ó gbọn ọwọ́. "Kì í ṣe ọ̀rọ̀ oògùn. Wọn ò tíì kí ọkùnrin náà tán ni. Ìkíni ilé ní àlọ, ó ní àbọ̀. Ìwọ sọ ti wíwọlé, o sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ti jíjáde. Ó kù kí o lọ parí ohun tí o bẹ̀rẹ̀."

Mo ní, "Ẹ̀yin àgbà ni kí ẹ bá mi sọ ọ́, mà. Ẹnu tiyín mọ́."

Ó wò mí. "Ẹnu tó sọ ọ́ náà ló ń tún un sọ. Èmi á dúró tì ọ́."

Ó kọ́ mi títí ọ̀sán fi pọ́n. Bí mo bá yára, á ní kí n tún un sọ. Bí mo bá fẹ́ fi ọgbọ́n orí mi kún un, á fọwọ́ gbá mi lẹ́nu. Ó ní ìkíni kì í ṣe ibi tí a ti ń ṣe fáàrí. Ó ní ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ṣáájú ti sọ tí kò pa wọ́n lára, òun ni kí n sọ.

Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì, a dé Inisa. Àwọn ará àdúgbò tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tún pé jọ. Ìyá Òkukù ní kí gbogbo ẹni tó wà nínú ilé jáde, àfi Bàbá Jọ́ọ̀sì nìkan. Ó bi Ìyá Ráfíù lẹ́ẹ̀mejì pé, "Ṣé ó dá ọ lójú pé kò ku ẹnikẹ́ni?" Ìyá Ráfíù ní kò kù. Mo kúnlẹ̀ sórí yanrìn, mo dojú kọ ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀. Inú ilé ṣókùnkùn bí ìgbà tí ènìyàn dijú.

Mo ní, "Bàbá, èmi ọmọ yín, èmi tí mo rán kọ́tìnnì yín, mo wá kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde wá gba ìkíni."

Lẹ́yìn náà ni mo rí agbádá funfun nínú òkùnkùn náà, tó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró.

"Ẹ kú orí ire. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú làálàá ọdún mẹ́rìnlá. Ilé á tura. Ẹ ó máa jáde, ẹ ó máa wọlé. Àlọ yín á dára, àbọ̀ yín á sunwọ̀n. Ẹ ó fi ẹsẹ̀ yín jáde lọ rí ire, ẹ ó fi ẹsẹ̀ yín gbé e wálé. Ẹ ó gbé ilé yìí, ilé ò ní gbé yín. Ohun tí mo sọ lọ́jọ́sí, ẹnu àìmọ̀ ló sọ ọ́. Ẹ má gbà á. Èyí ni kí ẹ gbà."

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Mi ò mọ iye ìgbà tí mo tún un sọ. Ohùn mi ti há. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ níta, ti òsì tẹ̀ lé e, ó sì di èjìká mi mú kí ó má baà ṣubú.

"Àmín o," ló wí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Àmín o, ọmọ mi. Tìrẹ náà á dé."

Gbogbo ènìyàn hó yèè. Ìyá Ráfíù dojú bolẹ̀, ó ń sunkún. Ìyá Òkukù gbé ọwọ́ sókè, ó fẹ́ fi èyí tó kẹ́yìn dí i. Ó ní, "Ilé á tura o!"

Kí a tó yanu, ohùn kan dáhùn láti inú ilé náà. "Àmín o."

Ohùn obìnrin ni, ohùn ọ̀dọ́. Gbogbo wọn yíjú sí mi, wọ́n ń wo ètè mi. Mo ti pa á dé.

Ìyá Òkukù ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ. "Kí ẹnikẹ́ni má dá a lóhùn. Ìkíni tiwa ti tán." Àwọn ọkùnrin mẹ́ta wọlé, wọ́n fa gbogbo kọ́tìnnì sẹ́yìn, wọ́n wo abẹ́ ibùsùn, wọ́n wo àjà. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni.

Bàbá Jọ́ọ̀sì gbé inú ilé náà fún ọdún mọ́kànlá sí i. Ó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó ń lọ sí oko, ó tilẹ̀ padà lọ wo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì. Ara rẹ̀ yá. Ó kàn jẹ́ pé títí di òní, bí wọ́n bá ń gbàdúrà nínú ilé yẹn, ìta ni wọ́n ń jáde sí láti ṣe Àmín. Mo ti gbọ́ pé àwọn ọmọ ọmọ wọn kò mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n rò pé àṣà Inisa ni.

Ó dára. Jẹ́ kí n padà sórí Sátidé rẹ.

Ti ṣọ́ọ̀bù yàtọ̀ sí ti ilé. Kúnlẹ̀ kí Ìyá Sàlámátù, ó jù ọ́ lọ. Sọ pé, "Ẹ kú orí ire o, mà. Ẹ kú ìnáwó. Ajé á wọ igbá. Ọjà á tà, ẹ ó tà, ẹ ó jèrè. Oníbàárà rere á mọ ọ̀nà ibí. Ẹ ó ṣí òmíràn." Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ mùsùlùmí, fi àlùbáríkà kún un, kò ní pa ìgbàgbọ́ rẹ lára. Má bi í pé "Ṣé ọjà ń tà?" lọ́jọ́ tó ṣí i. Má ní ọjà pọ̀ tàbí ó kéré. Má dárúkọ ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà ṣáájú rẹ̀ tí ọjà rẹ̀ kò tà. Mo mọ̀ ọ́, o fẹ́ràn ìtàn. Ra nǹkan kan, ì báà ṣe ìbọ̀sẹ̀ ọmọ, má sì ná an. Ríra yẹn náà ìkíni ni.

Tí o bá kọjá níbi tí ilé kò tíì parí, "Ẹ kú iṣẹ́ o, iṣẹ́ á parí, ẹ ó fi àlàáfíà wọ̀ ọ́" ti tó. Má kí i kú ìkówọlé kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ẹni tó sì kó lọ sílé tuntun nítorí pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́ níbi tó wà tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ọlọ́run á tù yín nínú," kí o tó sọ̀rọ̀ ilé rárá.

Dúró gba ìdáhùn. Má ju ìkíni sílẹ̀ kí o sì máa lọ bí ẹni ń sá fún òjò. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń fi àwòrán àti ọwọ́ méjì ránṣẹ́ lórí fóònù, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ìwọ, fi ẹsẹ̀ rẹ lọ, kí o sì wo ẹnu ẹni tó ń dá ọ lóhùn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun ló wúwo jù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí o ti kó lọ sí yàrá rẹ ní Òkukù. Ṣé o kíyè sí i pé èmi ìyá rẹ kò tíì kí ọ kú ìṣílé? Bàbá rẹ kí ọ, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ kí ọ. Mo bi ọ́ nípa omi, nípa iná, nípa kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Kì í ṣe pé mo gbàgbé, ọmọ mi. Láti ọjọ́ Inisa, mo ti kí ọ̀pọ̀ ènìyàn kú ìkówọlé, ọkàn mi kò sì mì. Ṣùgbọ́n tìrẹ, bí mo bá fẹ́ sọ ọ́, ẹnu mi á gan. Mo rò ó pé lórí ìwé ó sàn, ìwé kò ní ohùn.

Yàrá háyà ni, nítorí náà mi ò ní kí o pẹ́ níbẹ̀. Bí a ṣe ń kí ayálégbé nìyí:

Àbẹ̀ní, kú orí ire. Kú ìṣílé, kú làálàá ẹrù. Yàrá náà á tù ọ́ lára. O ó máa jáde, o ó máa wọlé. Ibẹ̀ ni wàá ti rí ọkọ rere, ibẹ̀ ni wàá ti kọ́ ilé tìrẹ. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ kúrò níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ á yá.

Dìde báyìí, lọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ, kí o ṣe Àmín síta. Ìwọ gan-an ni kí o ṣe é, kí o sì yára, kí ẹlòmíràn má baà bá ọ ṣe é.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.